Ọ̀rọ̀ ìyàwòrán fún Àlàbí ahunṣọ inú géèmù: iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn

Ti gbogbo ara. Ẹ lo eléyìí ṣáájú, kí ẹ má gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀:

Ya Àlàbí, ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ ará Ìlọrin, ọmọ ọdún 19, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ga. Yà á lẹ́ẹ̀mẹta lórí ojú ewé kan tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Lápá òsì ojú ewé, ó kọjú sí wa. Láàárín, ojú rẹ̀ ń wo òsì ojú ewé, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ la sì ń rí. Lápá ọ̀tún, ó kẹ̀yìn sí wa. Kí orí, èjìká, ìbàdí, orúnkún àti àtẹ́lẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Ó dúró ṣánṣán, apá rẹ̀ ṣí díẹ̀ kúrò lára, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Àwọ̀ eérú lásán ló yí i ká, láìsí òjìji.

Ó wọ gbárìyẹ̀ ẹtù tó dé orúnkún, tó sì fẹ̀ nísàlẹ̀. Aró dúdú ni ẹtù náà, ìlà funfun tín-ín-rín là á kọjá. Ọ̀já òfì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ni a rán pọ̀ lóròó. Kí ojú rírán hàn. Ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sányán, àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ẹ́rẹ́. Fìlà abetí ajá ló dé: etí ọ̀tún ká sókè, ti òsì wálẹ̀. Bàtà aláwọ, kò sí wúrà, kò sí ìlẹ̀kẹ̀.

(Ahunṣọ ni, kì í ṣe ọmọ ọba. Bí wúrà bá yọ níbikíbi, ẹ tún un yà.)

Ti àpò. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́, torí náà mo kọ ọ́ lọ́tọ̀:

Okùn àpò awọ gba èjìká ọ̀tún Àlàbí kọjá, àpò fúnra rẹ̀ wà ní ìbàdí òsì rẹ̀. Nínú àwòrán iwájú, ọ̀tún ojú ewé ni àpò wà sí. Nínú ti ẹ̀yìn, òsì ojú ewé ni. Nínú ti ẹ̀gbẹ́, ó hàn gbangba, orí ọkọ̀ ìhunṣọ onígi sì yọ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ti ẹ̀yìn nìkan, bí ti àkọ́kọ́ bá ti dáa:

Fi ìwọ̀n àti àwọ̀ kan náà ya ẹ̀yìn Àlàbí. Ọ̀já òfì tó wà níwájú ni kó gba orí èjìká wá sẹ́yìn, kí ìlà má ṣe já. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yí ọrùn ká, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí àyà òsì níwájú nìkan. Lẹ́yìn, òbìrí kékeré kan lábẹ́ ọrùn ti tó. Má fi ọnà tuntun kún un.

Ẹni tó máa fi aṣọ yìí wọ Àlàbí nínú géèmù kò ní ohun mìíràn tó máa wò ju ojú ewé yìí lọ. Nítorí náà, ẹ fi gbólóhùn yìí parí èyíkéyìí tí ẹ bá lò:

Má kọ ọ̀rọ̀ sórí àwòrán. Fi àwọ̀ mẹ́rin sí ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí kékeré onígun mẹ́rin: aró, funfun, sányán, awọ.