Lẹ́tà sí olùkọ́ mi lórí ìdáhùn tí mo gbà sílẹ̀

Òkè-Ìléwó, Abẹ́òkúta.

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ti fi ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lánàá ránṣẹ́ sí yín. Apá kejì ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ IELTS ni. Mo fi ìṣẹ́jú 1 múra, mo sì sọ̀rọ̀ nípa Òkúta Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí nígbà ogun.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kàn fún mi ní máàkì. Ẹ bá mi tú u wò fínnífínní. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ìṣẹ́jú 1, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pe àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta. N kò rí i, ni mo bá dákẹ́, mo sì tún ohun tí mo ti sọ sọ. Kí ló yẹ kí n ṣe níbẹ̀? Ṣé kí n fi ọ̀rọ̀ mìíràn ṣàlàyé rẹ̀ ni, àbí kí n fò ó?

Ẹ tún fetí sí v lẹ́nu mi; f ló ń dà. Nínú gírámà, ìtàn àtijọ́ ni mò ń sọ, àmọ́ mo ń sọ ọ́ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí. Màmá mi ní ó dára, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ 3 péré ló kù. Bí ẹ bá fi ohùn yín dáhùn, màá lè máa gbọ́ ọ léraléra.

Ọmọ yín nínú ẹ̀kọ́,
Fúnmiláyọ̀