Èsì Ìbéèrè Báńkì Lórí Iṣẹ́ Arábìnrin Fúnmilọ́lá Akínṣeyẹ

Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Oyèmẹ́kùn,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ẹ̀yáwó,
Alágbàká, Àkúrẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

A kí yín o. Ìwé tí ẹ kọ ní ọjọ́ 10 oṣù yìí ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ ní Arábìnrin Fúnmilọ́lá Akínṣeyẹ fẹ́ yá owó lọ́dọ̀ yín, kí a wá jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 12, òun náà kọ̀wé sí wa, ó sì buwọ́ lù ú, pé kí a sọ ọjọ́ tí ó wọṣẹ́, ipò rẹ̀, irú òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ àti owó tí ó ń gbà fún yín. Ibi tí ó fọwọ́ sí ni a ó dúró sí. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò àlàyé nípa ẹni kò jẹ́ kí a máa tú fáìlì òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣáà ti bèèrè.

Ìdí kan náà ni a kò fi dá ẹni tó pè wá ní ọjọ́ 11 lóhùn. Ó ní báńkì yín ni òun ti ń pè, ó sì fẹ́ kí a ka owó oṣù arábìnrin náà fún òun lórí fóònù. Bóyá òṣìṣẹ́ yín ni lóòótọ́. A ò rí ojú rẹ̀, a ò sì mọ ohùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ tiyín ni, ẹ bá wa tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ wa ni Arábìnrin Akínṣeyẹ, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí tí mo ń kọ ìwé yìí. Akọ̀wé ìṣirò owó ni. Òun ló ń kọ rìsíìtì fún àwọn oníbàárà, òun ló sì ń gbé àkọsílẹ̀ bébà àti yíǹkì tí a rà.

Ọjọ́ tí ó wọṣẹ́ gba àlàyé díẹ̀, torí fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa sọ pé ọdún 2019 ni ó di òṣìṣẹ́ títíláé. Ọjọ́ méjì ló wà nínú fáìlì wa. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ọdún 2019, ó wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ ní yàrá tí a ti ń di ìwé. Iye ọjọ́ tí ó bá wá ni a fi ń sanwó fún un. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, a fún un ní ìwé ìgbàsíṣẹ́, ó bọ́ sí ọ́fíìsì, ó sì di òṣìṣẹ́ títíláé. Ẹ̀dà ìwé náà wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ó ti ń ṣiṣẹ́ níbí láti 2019 lóòótọ́, àmọ́ 2020 ni ìwé títíláé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tí òfin yín bá kà nínú méjèèjì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. ₦195,000 ló wà nínú fọ́ọ̀mù yín pé ó ń gbà lóṣù. ₦165,000 ni owó oṣù rẹ̀ kí a tó yọ ohunkóhun: owó iṣẹ́ gan-an jẹ́ ₦80,000, owó ilé ₦35,000, owó ọkọ̀ ₦25,000, owó oúnjẹ ₦25,000. Ibi tí ₦195,000 ti wá hàn nínú ìwé owó oṣù Kẹjọ. Nígbà tí àwọn iléèwé ń múra láti wọlé, ìwé kíkọ àwọn ọmọ pọ̀ nílẹ̀ débi pé a ń ṣiṣẹ́ wọ alẹ́, òun náà sì gba ₦30,000 owó ofatáìmù. Lọ́dọ̀ tiwa, ofatáìmù kì í ṣe ara owó oṣù. Kò sí nínú ìwé tí a fi gbà á síṣẹ́, kò sì sí oṣù tí a ṣèlérí rẹ̀ fún un. Ìdí tí iye yẹn fi wọ inú fọ́ọ̀mù, òun ni kí ẹ bi. Èmi ò ní fẹnu mi sọ ọ́ fún un.

Ohun tí a ń yọ lóṣooṣù nìyí. Owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ jẹ́ ₦11,200, ìyẹn ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́, ilé àti ọkọ̀. Àwa náà ń fi ₦14,000 kún un, ìdá 10, èyí tí kò kan owó ọwọ́ rẹ̀. Owó orí jẹ́ ₦13,544. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilé iṣẹ́ wa ń gba ₦15,000, ó sì fọwọ́ sí i kí a sọ èyí fún yín. Ohun tó ń wọ àkáǹtì rẹ̀ wá jẹ́ ₦125,256. Iye yìí ni a san ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje. Ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí owó orí ti mú tirẹ̀ nínú ofatáìmù, ó gba ₦150,696. Ìwé owó oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbí kí ẹ lè fi wọ́n wé sítétímẹ́ǹtì rẹ̀.

Ẹ bi wá bóyá yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wa fún oṣù 36 tí ẹ̀yáwó náà yóò gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí nínú ìwé. Àwa tàbí òun lè fòpin sí i bí a bá kọ̀wé ní oṣù kan ṣáájú. Títí di òní, a ò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, òun náà ò kọ ọ́. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ò mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè nípa ìwà rẹ̀ àti bóyá a ti bá a wí rí kò sí nínú ohun tí ó fọwọ́ sí, nítorí náà a ò dáhùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìyẹn sí ẹ̀rí rere tàbí búburú. Bí a ti máa ń ṣe fún gbogbo òṣìṣẹ́ wa nìyẹn, títí kan àwọn ọ̀gá.

Ìwé ìlérí tí ẹ so mọ́ ìwé yín, a dá a padà láìbuwọ́ lù ú. Ó ní kí a máa san owó oṣù rẹ̀ sọ́dọ̀ yín nìkan títí gbèsè yóò fi tán, kí a sì sọ fún yín kí a tó san owó ìkẹyìn fún un bó bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Báńkì mìíràn ni owó oṣù rẹ̀ ń lọ báyìí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ̀wé pé kí a yí i padà, a ó yí i láti oṣù tó bá tẹ̀ lé e. Ìyẹn wà lọ́wọ́ wa. Àmọ́ ilé iṣẹ́ yìí kì í ṣe onídùúró fún un. Ẹ̀rí iṣẹ́ ni ẹ ní kí a jẹ́, òun náà ni a sì jẹ́. Owó tí ẹ ó yá a àti bí yóò ṣe san án, àárín ẹ̀yin àtòun ni.

Arábìnrin Akínṣeyẹ ti gba ẹ̀dà lẹ́tà yìí. Bí ohun kan nínú rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ kọ̀wé sí wa, tàbí kí ẹ rán òṣìṣẹ́ yín wá pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. A máa ń ṣí láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

T. Adésùyì,
Alábòójútó Òṣìṣẹ́.

Ohun tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: ẹ̀dà ìwé ìgbàsíṣẹ́ ti ọdún 2020, ìwé owó oṣù Kẹfà, Keje àti Kẹjọ, ọdún 2025, ẹ̀dà ìwé tí arábìnrin náà fi fọwọ́ sí i, ìwé ìlérí yín tí a dá padà.