Ohun Tí Òfin Ẹgbẹ́ Wa Sọ fún Ọmọ Ẹgbẹ́ Tuntun: Ẹ̀tọ́, Ìbò àti Èrè

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tuntun,

Ẹ káàbọ̀ o. Ìgbìmọ̀ alákòóso ti fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kọ, orúkọ yín sì ti wọ inú rẹ́gísítà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Èmi akọ̀wé ni wọ́n ní kí n kó ọ̀rọ̀ inú òfin ẹgbẹ́ jọ fún yín, pàápàá èyí tó kan ẹ̀tọ́ yín, ìbò dídì àti èrè. Odindi ìwé òfin náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó wá. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kó wá, màá kà á sí i létí. Bí ohun tí mo kọ síbí bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé òfin, ìwé òfin ni kí ẹ dì mú.

Púpọ̀ nínú yín ti dá àjọ rí. Alájọ a máa gba owó lọ́wọ́ yín, nígbà tí oṣù bá pé, á yọ tiẹ̀, á kó ìyókù fún yín, ọ̀rọ̀ parí. Ẹgbẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ ni ín. Bó bá jèrè, ẹ̀yin lẹ ni èrè náà. Bó bá jẹ gbèsè, ó kàn yín títí dé ìwọ̀n owó ìpín tí ẹ fi sílẹ̀. Nítorí náà ni òfin fi fún yín ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ àti ọwọ́ láti dìbò.

Owó mẹ́ta tí kò jọ ara wọn

Ibí ni àṣìgbọ́ ti ń pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Owó ìwọlé jẹ́ ₦3,000. Ẹ ti san án, kì í padà. Owó ìpín ni owó tí ẹ fi di onílé nínú ẹgbẹ́. Ìpín kan jẹ́ ₦1,000, ogún ìpín ló sì kéré jù tí ọmọ ẹgbẹ́ lè ní, ìyẹn ₦20,000. Òfin gbà kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni lè ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìpín ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìpín ẹgbẹ́ lọ, kí olówó kan má baà gba ẹgbẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni owó ìfowópamọ́, ó kéré tán ₦5,000 lóṣù. Ti ara yín lèyí, òun náà la sì ń wò bí ẹ bá fẹ́ yá owó.

Gbogbo owó tí ẹ bá san gbọ́dọ̀ hàn nínú pásíbúùkù yín, pẹ̀lú ìbuwọ́lù akápò. Mò ń bẹ̀ yín, ẹ má fi owó lé ọmọ ìgbìmọ̀ kankan lọ́wọ́ ní ọjà tàbí lójú ọ̀nà kí ẹ ní ẹ ti san. Kódà bó ṣe èmi. Rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí yín.

Ẹ̀tọ́ yín

Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wá sí gbogbo ìpàdé gbogbogbò, láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àti láti béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé, bí ẹ bá ti sọ fún akọ̀wé ní ọjọ́ méje ṣáájú. Àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn nìkan ni ẹ kò lè wò, torí àṣírí oníkálukú ni. Ẹni tó bá béèrè bí a ṣe náwó kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wù mí kí ẹ̀yin tuntun máa béèrè, torí àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ a máa tijú láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ lè yá owó tó tó ìlọ́po méjì owó ìfowópamọ́ yín, pẹ̀lú onídùúró méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè tó ti kọjá àkókò. Èlé rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan fún ọdún kan. Kí ẹ tó bá ẹlòmíràn dúró, ẹ rántí pé bí kò bá san án, owó ìfowópamọ́ tiyín la máa yọ.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tí a ó kó owó yín fún bí ọlọ́jọ́ bá dé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn ún sọ, ẹlòmíràn á ní “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” kó sì fò ó. Ẹ má fò ó. Níbi tí a kò bá ti kọ orúkọ sílẹ̀, ìyàwó, ọmọ àti àbúrò lè máa fa owó kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ kò sì ní lè san án títí tí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ẹ lè yí orúkọ náà padà nígbàkígbà.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò yóò kọ̀wé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. A ó yọ gbèsè rẹ̀, a ó sì kó owó ìfowópamọ́ tó kù fún un. Owó ìpín rẹ̀ lè lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tó bá rà á, tí ìgbìmọ̀ sì fọwọ́ sí i. Bákan náà, kò sẹ́ni tí a lè lé kúrò láìjẹ́ pé a kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, a gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní ìpàdé gbogbogbò, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà níbẹ̀ sì dìbò sí i. Alága kò lè dá lé ẹnikẹ́ni. Bí aáwọ̀ bá dé tí ìpàdé kò lè parí rẹ̀, ọ́fíìsì Olùdarí Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Ìpínlẹ̀ Èkó la ó gbé e lọ.

Ìbò

Ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan. Ẹni tó ní ogún ìpín dìbò kan, ẹni tó ní igba ìpín náà dìbò kan. Ìlànà yìí ti wà láti ìgbà àwọn òṣìṣẹ́ tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Rọ́ṣídéèlì, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, ó sì wà nínú òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Nàìjíríà ti 1993. A kì í béèrè bóyá ẹnì kan jẹ́ ará Èkó Ẹ̀pẹ́ tàbí ará Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, bóyá ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ló ní tàbí agbọ̀n ẹja kan ló ń pàtẹ ní ọjà Olúwo. Ojú kan náà la fi ń wo ìbò wọn.

Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò nígbà tí ẹ bá ti pé oṣù mẹ́ta, tí ogún ìpín yín sì ti pé. Ẹni tó bá jẹ gbèsè tó ti kọjá àkókò ju oṣù mẹ́ta lọ lè jókòó ní ìpàdé, kó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dìbò, kò sì lè du ipò. A kì í báni dìbò. Ọkọ kò lè dìbò fún ìyàwó, ìyá kò lè rán ọmọ wá. Bí ara yín kò bá yá lọ́jọ́ náà, ìbò yín sun nìyẹn.

Ọmọ ìgbìmọ̀ méje la ń yàn, fún ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe ju ìgbà méjì léraléra lọ. Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni fún yíyan wọn, lórí ìwé. Fún ọ̀rọ̀ mìíràn, a máa ń nawọ́ sókè, àfi bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá ní àwọn fẹ́ ìkọ̀kọ̀. Bí ìbò bá dọ́gba, alága lè fi ìbò kan kún un. Ìpàdé kò lè pinnu ohunkóhun bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ kò bá péjú. Ìwé ìpè sí ìpàdé ọlọ́dọọdún gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Ti àtúnṣe òfin, ọjọ́ 21. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wá ló lè yí òfin padà, àyípadà náà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí Olùdarí á fi fọwọ́ sí i.

Bí inú yín kò bá dùn sí bí ìgbìmọ̀ ṣe ń ṣe, ẹ kò ní láti dúró de òpin ọdún. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ ẹgbẹ́ lè kọ̀wé pè fún ìpàdé pàjáwìrì, ìgbìmọ̀ kò sì lè kọ̀.

Èrè

Èrè kì í ṣe gbèsè tí ẹgbẹ́ jẹ yín. Kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí iye kan fún yín ṣáájú, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi fà yín wọlé, kò sọ òótọ́. Ọdún á kọ́kọ́ parí ní December, olùṣàyẹ̀wò á yẹ ìwé owó wò, ìgbìmọ̀ á dá àbá, ìpàdé ọlọ́dọọdún á sì dìbò lé e. Ìpàdé lè dín iye tí ìgbìmọ̀ dábàá kù, kò lè fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣàpẹẹrẹ. Ká ní lọ́dún kan, èlé tí àwọn tó yáwó san jẹ́ ₦9,600,000, ìnáwó ẹgbẹ́ sì gba ₦3,600,000. Ó ku ₦6,000,000. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ₦1,500,000, á kọ́kọ́ lọ sínú owó àpamọ́ ẹgbẹ́, tí a kò gbọdọ̀ pín. Nínú ₦4,500,000 tó ṣẹ́ kù, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦450,000, jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́. ₦450,000 mìíràn jẹ́ ti ìmọrírì fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, torí wọn kì í gba owó oṣù. Ó wá ku ₦3,600,000 tí a ó pín.

Ọ̀nà méjì la ń gbà pín in. Ìdá kan nínú mẹ́ta, ₦1,200,000, jẹ́ ti owó ìpín. Bí gbogbo owó ìpín ẹgbẹ́ bá jẹ́ ₦12,000,000, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ló kan náírà kọ̀ọ̀kan. Ìdá méjì tó kù, ₦2,400,000, á padà sọ́dọ̀ àwọn tó san èlé lórí ẹ̀yáwó, torí owó wọn ló bí èrè náà. Nínú ₦9,600,000 tí wọ́n san, kọ́bọ̀ 25 ló padà lórí náírà kọ̀ọ̀kan.

Ìyá kan tó ń yan ẹja ní ìpín ₦20,000, ó yá ₦300,000, ó sì san èlé ₦30,000. Yóò gba ₦2,000 lórí ìpín àti ₦7,500 lórí èlé, àpapọ̀ ₦9,500. Ọkùnrin kan tó ní ìpín ₦200,000 tí kò yá kọ́bọ̀ yóò gba ₦20,000. Owó tó wọlé fún wọn yàtọ̀. Ìbò kan ṣoṣo ni oníkálukú wọn dì lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, oṣù tí ìpín yín fi wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ la ó kà. Bí ₦20,000 yín bá pé ní ìparí June, oṣù mẹ́fà la ó kà fún yín, ₦1,000 ló sì máa jẹ́ nínú àpẹẹrẹ yìí dípò ₦2,000. Ẹ tètè san án pé. Owó ìfowópamọ́ kì í gba èrè tirẹ̀. Bí ẹ bá jẹ gbèsè tó ti kọjá àkókò, èrè yín la ó fi dí i kó tó kan ọwọ́ yín. Èrè tí ẹ kò bá wá gbà láàárín oṣù mẹ́ta, a ó kọ ọ́ kún owó ìfowópamọ́ yín, kò ní sọnù.

Ìpàdé yín àkọ́kọ́ ni Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Olúwo. Ẹ mú fọ́tò pélébé méjì wá, pásíbúùkù yín, àti orúkọ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ fẹ́ kọ sílẹ̀. Èmi àti akápò á ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́ta fún ẹni tó bá ní ìbéèrè.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́