Ṣáńpù ₦1,800 tí mo fi fọ irun rilásà mi fún oṣù kan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣáńpù aláwọ̀ ewé kan tí mo rà lọ́jà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, ìgò ńlá, ₦1,800, mo ti lò ó pé oṣù kan báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fi fọrí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Irun rilásà ni tèmi, ó balẹ̀ dé èjìká, mo sì ti ṣe ritọ́ọ̀ṣì bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó ṣí ìgò náà, torí náà irun titun ti ń yọ nídìí.

Ó ń fọ orí mọ́, òtítọ́ ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo gírísì àti jẹ́ẹ̀lì tó ti dì mọ́ mi lórí látìgbà tí mo tú irun tí mo dì ló ṣàn lọ, ó ń hó yẹ̀ẹ̀, ibi tó ń yún mi lẹ́yìn etí dákẹ́, orí mi fúyẹ́. Inú mi dùn débi pé mo tún da òmíràn sí i, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í. Nígbà tí mo fi ìka méjì fa irun náà ó ń dún kẹ́kẹ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, irun rilásà ò sì yẹ kó máa dún bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tó gbẹ tí mo yà á, mo kó èyí tó wà lára kóòmù sórí pépà funfun, mo wò ó dáadáa. Irun tó bá re fúnra ẹ̀ máa ń gùn, kókó funfun kékeré á wà nídìí ẹ̀, èyí tó bá já ò ní nǹkan kan nídìí, á kàn kúrú ni. Kúkúrú yẹn ló pọ̀ jù níbẹ̀, àyà mi já.

Mo wá yí ẹ̀yìn ìgò kà. Omi ló ṣáájú, sódíọ̀mù lọ́rẹ̀tì sọ́fétì ló tẹ̀lé e. Òun ló ń jẹ́ kó hó báyẹn, òun náà ló ń kó òróró ara irun lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Rilásà sì rèé, ó ti já ohun tó so irun pọ̀ nínú kó tó lè nà, irun yẹn ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí òróró bá tún kúrò lára ẹ̀ kí ló kù.

Ọ̀sẹ̀ kejì tún burú sí i torí omi kànga wa ní Ọbáńtókò ni mo fi ṣàn án, omi yẹn le, ẹ wo inú kẹ́tù wa ẹ ó rí ìpẹ́ funfun. Irun mi gan bí okùn. Onídìrí mi fọwọ́ kàn án, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ọṣẹ ìfọṣọ lẹ fi fọ orí yìí ni?" Ó dùn mí o. Àmọ́ òun ló kọ́ mi ní ohun tó gbà mí.

Ó ní kí n fi òróró àgbọn pa irun, pàápàá ẹnu irun, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí n bu ṣáńpù ìdérí kan sínú omi ìdérí mẹ́ta, kí n dà á sí awọ orí nìkan, kí n fi ọmọ ìka ra á, kì í ṣe èékánná. Ìfófòó tó bá ṣàn wálẹ̀ ti tó ẹnu irun, kí n má fi ọwọ́ ra á bí ẹni ń fọ aṣọ. Lẹ́yìn náà kondíṣọ́nà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi òjò ni kí n fi ṣàn án. Ìyẹn ni mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, kóòmù fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, irun sì ń dán díẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá pò ẹ má fi pamọ́ o, ó máa ń bàjẹ́, ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ pò.

Òórùn ẹ̀ dáa, àmọ́ kì í pẹ́ lórí. Ìdérí ẹ̀ ò dáa, ó ti sán.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe rilásà, ẹ má lo eléyìí dípò nútíráláísà, torí owó kékeré. Nútíráláísà ló ń pa agbára rilásà, òmíràn tiẹ̀ wà tí ìfófòó ẹ̀ máa ń pọ́n tí rilásà bá ṣì kù lórí, ṣáńpù yìí ò lè ṣe ìyẹn, awọ orí lẹ máa fi jìyà ẹ̀.

Ṣé màá tún rà á? Bẹ́ẹ̀ ni, fún ọjọ́ tí mo bá tú irun dídì tí ìdọ̀tí pọ̀, àmọ́ kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tí irun ẹ̀ ń já tẹ́lẹ̀, tàbí tó kun àwọ̀ lé rilásà lórí, kó má wulẹ̀ rà á. Tèmi ṣì ku bí ìdajì ìgò, mo ti fi ₦2,500 ra kondíṣọ́nà tì í, àwọn méjèèjì ló jọ wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù bálùwẹ̀ báyìí.