Àkòrí: Ẹ jẹ́ ká wá wo iléèwé yín lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí iná sólà

Màmá wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó àwọn ọmọ. Kẹ́hìndé tó ń ṣe iṣẹ́ iná sólà ní Ìgbógbó ni mo kọ̀wé yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kíláàsì kẹta, mo sì dúró díẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé wọn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún yàrá kọ̀ǹpútà ní iná ń hó lẹ́yìn ògiri. Tíṣà ti pa fèrèsé dé nítorí èéfín, àwọn ọmọ ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Ó dùn mí gan-an. Ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbin tí iná ti ń jáde lọ sí gbogbo Nàìjíríà kò jìnnà sí wa níbí, síbẹ̀ epo la fi ń kọ́ ọmọ ní Ìkòròdú.

Màmá, iléèwé ni sólà bá mu jù. Alẹ́ ni wọ́n ń lo iná jù nínú ilé gbígbé, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ra bátìrì ńlá, owó bátìrì sì pọ̀. Àárọ̀ sí ọ̀sán ni tiyín, nígbà tí oòrùn ń ràn gan-an. Bátìrì tí kò tóbi lè tó yín. Ogún fáànù òkè àjà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ nǹkan bí 70 wáàtì, 1,400 wáàtì péré ni. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ló yẹ ká ṣọ́ra fún, torí bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ó lè fa iná tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń lò nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀n ọ́n, inífátà á kàn máa kú ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ dá iye owó kankan lórí fóònù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún ilé kan, àfi bí òjìji igi máńgò ṣe ń bo páànẹ́lì láti agogo méjìlá. Owó ara mi ni mo fi tú gbogbo rẹ̀, tí mo tún un tò.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ jẹ́ ká wá ní Ọjọ́bọ̀ yìí, agogo mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí kíláàsì ń lọ, ká lè wọn iye iná tí ẹ ń lò ní tòótọ́. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi kan ni, kò ní ju wákàtí méjì lọ. A ó wo páànù, igi òrùlé, òjìji àti wáyà. A ò ní gun òrùlé nígbà tí àwọn ọmọ bá wà níta. Ẹ bá wa wá rìsíìtì epo àti bíìlì iná oṣù mẹ́ta tó kọjá.

Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ìwé tí a bá kọ, tiyín ni, kódà bí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Bí Ọjọ́bọ̀ kò bá rọrùn, ẹ fi ọjọ́ míì ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ ṣeun, Màmá.

Ọmọ yín,
Kẹ́hìndé
Ìgbógbó, Ìkòròdú