Ẹrù Òkè Ìdànrè: láti orí èyí tó wúwo jù

Ẹ̀yin èèyàn mi, Sátidé tó ń bọ̀ la ń lọ o. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán la máa bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, a ó sùn lókè, Sọ́ńdè láàárọ̀ la ó sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn yẹn ju 600 lọ, ẹ ò sì ní rí ẹni bá yín gbé báàgì. Ẹni tó bá jẹ́ kílò 60, kílò 12 ni kó gbé mọ, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ara ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa tó jẹ́ 50, kílò 10 ni tiẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi tẹ́ńtì kọ́ ọ lọ́rùn.

TI KÁLUKÚ

Omi, lítà 3, kílò 3. Òun ló wúwo jù, òun sì lẹnì kankan ò gbọdọ̀ dín. Inú ike ni o, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà, nítorí tó bá bẹ́ sínú báàgì, gbogbo aṣọ yín ti tán nìyẹn. Ẹ fi sí àárín báàgì, kó fara ti ẹ̀yìn yín, tó bá wà nísàlẹ̀ tàbí lójú ìta ó máa fà yín sẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn.

Báàgì fúnra ẹ̀, kílò kan àbọ̀.
Bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí báàgì ìsùn, kílò 1.
Oúnjẹ, kílò 1: gàrí, kúlìkúlì, ìpékeré, índómì méjì. Kò sẹ́ni tó ń gbé ìrẹsì tútù àti agolo tòmátò lọ, mo mọ ẹni tí mò ń bá wí.
Aṣọ ìpààrọ̀, gíráàmù 500.
Réńkóòtù, 400. Súwẹ́tà, 400. Fóòmù pẹlẹbẹ tá a máa sùn lé, 400 (àpáta máa ń fa ooru ara èèyàn lóru, ẹ má rò pé bùláńkẹ́ẹ̀tì tó).
Páwá bánkì, 350. Tọ́ọ̀ṣì orí, 100.
Bọ́rọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ, tíṣù, oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò nílé, ẹ má jẹ́ kó ju 250 lọ.

Àpapọ̀ ẹ̀ ò tó kílò 9, àyè tó ṣẹ́kù ti ẹrù gbogbo wa ni.

AṢỌ

Òpin oṣù kẹwàá la wà yìí, òjò ò tíì kásẹ̀ ńlẹ̀. Oòrùn á mú yín lọ́sàn-án, òjò lè dé nírọ̀lẹ́, kùrukùru àti òtútù á wá gba ìdájí. Nítorí náà ìpele mẹ́ta ni. Ti àkọ́kọ́ ni jẹ́sí bọ́ọ̀lù tàbí ohunkóhun tó ń yára gbẹ, ẹ fi àǹkárá àti tíṣáàtì òwú sílé, tó bá ti mu òógùn ó máa lẹ̀ mọ́ yín lára, atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, òtútù á mú yín gan-an. Jíńsì náà ò bá wa lọ. Súwẹ́tà ni èkejì, ti òkìríkà ní Ọjà Ọba dára, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra tuntun. Réńkóòtù ni ẹ̀kẹta, òun ló máa wà lórí pátápátá nínú báàgì, torí òjò ò ní dúró dè yín kẹ́ ẹ tú ẹrù.

Ẹ má wọ súwẹ́tà nígbà tẹ́ ẹ bá ń gùn o, bó ti wù kí òtútù ṣe yín. Tá a bá dé ibùsinmi, kí òógùn gbẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Aṣọ ìpààrọ̀ yẹn, ẹ fi láílọ́ọ̀nù méjì wé e, inú tẹ́ńtì nìkan lẹ ti máa wọ̀ ọ́, kódà tí tọ̀sán bá tutù rìnrìn, òun náà lẹ máa padà wọ̀ láàárọ̀, kí tòru lè wà ní gbígbẹ. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú, torí àpáta tí òjò bá ti pa, yíyọ̀ ló ń yọ̀.

TI GBOGBO WA

Tẹ́ńtì ẹlẹ́ni mẹ́ta méjì, kílò 2.8 lọ́kọ̀ọ̀kan: Bọ̀dá Wẹ́dà gbé ọ̀kan, Kọ́pà gbé ìkejì. Èyí tó ń dá dúró fúnra ẹ̀ ni o, èèkàn ò ní wọ inú àpáta, òkúta la máa fi so okùn ẹ̀.
Ìkòkò, sítóòfù kékeré àti agolo gáàsì méjì, kílò 2: Tíṣà. Sìlíńdà ilé ò bá wa lọ, kí Tíṣà má tún dá a lábàá mọ́.
Tapólìn àti okùn mítà 10, kílò 1.8: Ìyá Ìbejì.
Omi ìdáná, lítà 3: èmi.
Àpótí oògùn, gíráàmù 500: Nọ́ọ̀sì. Báńdéèjì, Dẹ́tọ́ọ̀lù, párásítámọ́ọ̀lù, ORS, sísọ́ọ̀sì.
Láílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí: ẹnì kọ̀ọ̀kan mú kan, gbogbo pàǹtí wa ló ń bá wa sọ̀ kalẹ̀.

Sípíkà kan péré, ti Kọ́pà, á sì kú ní aago mẹ́sàn-án. Tí ààrá bá ń sán, a ò ní dúró sórí àpáta gbalasa, a ó sọ̀ kalẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀, ẹ má bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Fúráìdé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gbogbo báàgì ní ọ̀dọ̀ Tíṣà, síkélì máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá kọjá kílò tiẹ̀, níbẹ̀ náà ló ti máa yọ nǹkan kúrò.