Ọjọ́ tí òjò fẹ́ ká aṣọ ẹlẹ́kọ mọ́ orí okùn

Àpẹẹrẹ àkọsílẹ̀ ìwé ìrántí fún kíláàsì èdè Yorùbá

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́ lálẹ́ Àbámẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ kà á láìdúró, kí ẹ gbádùn ìtàn inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kà, kí ẹ máa ṣọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Èyí tó dá dúró (mo sáré) sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì tán. Èyí tó ní "ń" níwájú (mò ń sáré) ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan mìíràn já lù ú. Èyí tó ní "ti" níwájú (mo ti sáré) ti parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí "ti ń", iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì tíì dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà, 2025
Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, Màmá àgbà ti dáná. Wọ́n ti se láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù láti fi ṣe ẹ̀kọ àdìrẹ, wọ́n ti sẹ́ ẹ, ó sì ti tutù. Mo bá wọn ní àgbàlá níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya bátànì Olókun sára aṣọ funfun. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò gbójú sókè, torí wọ́n ń fa ìlà kan lọ́wọ́, wọn kì í sì í dáhùn títí ìlà bá fi dé òpin.

Aṣọ mẹ́jọ ni ìdílé kan ní Ìbarà ti san àsansílẹ̀ owó lé lórí fún ìgbéyàwó ọmọ wọn. Màmá àgbà ti ya márùn-ún kí ilẹ̀ àná tó ṣú. Wọ́n ya mẹ́ta tó kù láàárọ̀ yìí, èmi náà sì bá wọn fi ẹ̀kọ kun ibi tí wọ́n ti fi ìlà yí ká. Nígbà tí oòrùn fi máa gòkè dáadáa, a ti sá gbogbo wọn sórí okùn.

Ìgbà tí ẹ̀kọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lára aṣọ ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ẹ̀kọ yẹn ló ń dí aró lọ́nà. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ ni yóò yọ bí àwòrán nígbà tí gbogbo ibi yòókù bá ti di búlúù. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kanrankanran kí aṣọ tó wọ ìkòkò aró. Bí omi bá kàn án kó tó gbẹ, Olókun á ṣàn lọ sílẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ tí obìnrin kan fi tẹ ẹ̀yìn ba á sì lọ bẹ́ẹ̀.

Màmá àgbà wọ aṣọ, wọ́n lọ sí Aké. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan ti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ni wọ́n sì ti ṣe ìsìn ìsìnkú rẹ̀. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n rán mi ní láfún àti èlú ní ọjà Lafẹ́nwá, torí èyí tó wà nílé ti tán. Wọ́n fi aṣọ sí ìkáwọ́ Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun. Bùrọ̀dá ń fọ ẹnu lọ́wọ́, wọ́n kàn mi orí pé àwọ́n gbọ́.

Oòrùn ń ràn kedere nígbà tí mo gun ọ̀kadà. Mi ò rí ìkùukùu kankan.

Ní Lafẹ́nwá, mo ti ra láfún, mo wá ń ná èlú lọ́wọ́ nígbà tí atẹ́gùn gbé àtẹ obìnrin ẹlẹ́ja kan. Gbogbo ọjà dìde. Àwọn kan ń fa tapólì bo ẹrù, àwọn kan ń kó ata sínú apẹ̀rẹ̀, ọmọdé kan sì ń sunkún torí ìyá rẹ̀ ti wọnú ìsọ̀ kejì, kò rí i mọ́. Ìyá eléèlú wojú ọ̀run, ó ní, "Òjò ti ń rọ̀ ní apá Ìbẹ̀rẹ̀kodó yẹn o. Gba èyí, san iye tó o bá ní." Mo sanwó, mo sì sáré.

Mo pe Bùrọ̀dá. Fóònù wọn dún títí, wọn ò gbé e. (Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti wá pè wọ́n lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, inú yàrá ni wọ́n sì ti gbàgbé fóònù.) Mo pe Màmá àgbà, àmọ́ wọ́n ti pa tiwọn nítorí ìsìn.

Nígbà tí a dé afárá, mọ́tò ti dí ojú ọ̀nà. Odò Ògùn ń ṣàn nísàlẹ̀, ó ti pọ́n, ó sì ti wú ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ọlọ́kadà ń wá ibi tó máa gbà kọjá, kò rí i. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbé láfún lé orí, mo di èlú mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Mò ń gun òkè lọ nígbà tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lápá. Kò pẹ́ tí mi ò fi rí Olúmọ mọ́, torí òjò ti bò ó. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń gbàdúrà. Àdúrà mi ò ju ẹyọ kan lọ: kí òjò má tíì dé Ìtòkú.

Ó ti dé. Ó ti ń rọ̀ kí n tó yà sí àdúgbò wa. Gọ́tà ti kún, omi ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Mo sáré wọ àgbàlá. Okùn ṣófo! Ẹ̀kọ ò sí nílẹ̀, aṣọ ò sí lókè. Ọkàn mi fò, mo rò pé olè ti kó o. Mo dúró sínú òjò, mò ń pe orúkọ Bùrọ̀dá, kò sì sẹ́ni tó jẹ́.

Ni mo bá gbọ́ ohùn láti ojúde kejì: "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kí òtútù pa ọ́ ni? Wọlé wá!"

Ìyá Ràfíù ni. Mo ní láti kọ èyí sílẹ̀ dáadáa, kí n má baà gbàgbé. Ìyá Ràfíù àti Màmá àgbà ò tíì kí ara wọn láti ìgbà ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ gọ́tà yìí náà ló dá a sílẹ̀: Ìyá Ràfíù ti ní kí a jọ dá owó sìmẹ́ńtì, Màmá àgbà sì ti sọ pé ìdọ̀tí àwọn kọ́ ló dí i. Ọ̀rọ̀ ti bí ọ̀rọ̀, wọ́n ti sọ ohun tí kò yẹ síra wọn níwájú àwa ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀kan bá ń gbálẹ̀ ìta, èkejì á dúró nínú ilé títí yóò fi gbálẹ̀ tán.

Nígbà tí mo wọlé, gbogbo aṣọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wà níbẹ̀. Ó ti ta okùn láti ojú fèrèsé dé ara ilẹ̀kùn, ó ti sá wọn láìjẹ́ kí ọ̀kan fara kan èkejì, ó sì ti gbé kóòlù pupa sábẹ́ wọn ní ìwọ̀n ibi tí ooru á dé tí èéfín ò ní dé. Ó jókòó, ó ń rọra fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Hìjáàbù rẹ̀ ti rin gbingbin.

Ó ní, "Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé ojú ọ̀run ti yí padà. Mo ké sí yín, ẹ ò dáhùn. Ìgbà tí òjò fi máa bẹ̀rẹ̀, mo ti kó méje. Ìkẹjọ yìí ni omi kan ní etí."

Mo wò ó. Lóòótọ́, ìlà ti tú ní igun kan, ibi tó tú náà ò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mi ò sì mọ ìgbà tí omijé bọ́. Ó ní kí n dìde, kí n lọ pààrọ̀ aṣọ.

Òjò ti dá nígbà tí Màmá àgbà dé. Mo ti ń múra ohun tí mo máa sọ sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti rí okùn kí n tó lanu. Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tú gèlè, wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n sì bọ́ sí ojúde kejì láìwọ bàtà. Mo tẹ̀lé wọn.

"Ìyá Ràfíù, ẹ kú aájò."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn."

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ sí yín?"

Ìyá Ràfíù ń fẹ́ná lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró. Ó dáhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ sí mi, mà. Aṣọ ò sọ nǹkan kan."

Màmá àgbà jókòó tì í. Wọ́n sọ ìtàn kan tí mi ò gbọ́ rí: pé nígbà tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ń ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ìjà lórí owó-orí ní 1947, ìyá tiwọn àti ìyá àgbà Ìyá Ràfíù jọ rìn lọ sí ààfin Aké ni, wọ́n jọ sun ìta níbẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀ ní 1949, ìkòkò aró kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń lò. "Àwa ọmọ wọn wá ń jà nítorí gọ́tà." Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́, ohùn wọn sì ti yí padà.

Lẹ́yìn náà, wọ́n bèèrè ìyẹ́ adìẹ. Mo sáré mú un wá. Màmá àgbà tún igun tó tú yà níbẹ̀, lórí ẹsẹ̀ ara wọn, Ìyá Ràfíù sì di etí aṣọ náà mú fún wọn. Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun dé nígbà tí wọ́n ń parí rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti bò wọ́n dé orúnkún. Ìyá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà, Bùrọ̀dá sì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn láti wá kọ èyí, wọn ò tíì fẹnu kò lórí iye sìmẹ́ńtì tí gọ́tà máa gbà. Màmá àgbà ń sọ pé àpò méjì, Ìyá Ràfíù ń sọ pé mẹ́ta.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wá ibi mẹ́rin tí "ti" ti fi hàn pé ohun kan ti parí kí akọ̀wé tó débẹ̀, kí ẹ sọ ohun tí ìtàn náà máa pàdánù bí a bá yọ ọ́ kúrò.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "òjò rọ̀", "òjò ń rọ̀", "òjò ti rọ̀" àti "òjò ti ń rọ̀" nígbà tí ọmọ náà yà sí àdúgbò wọn? Èwo nínú wọn ni ì bá fi í lọ́kàn balẹ̀?

Ìyá Ràfíù lo oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tó ń ṣàlàyé bó ṣe kó aṣọ. Ẹ fà wọ́n yọ.

Ẹ kọ ìwé ìrántí Ìyá Ràfíù fún ọjọ́ kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó ń ṣa ẹ̀wà, kí ẹ sì jẹ́ kí a mọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀.